Fífi Fóònù Darí Láptọ́ọ̀pù Tó Wà Nílé: Ààlà Tó Yẹ Kí Ẹ Kọ́kọ́ Pa

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Kubwa ni mò ń gbé, mo sì ń bá àwọn ṣọ́ọ̀bù mélòó kan ṣe ìwé owó wọn lórí QuickBooks tó wà nínú láptọ́ọ̀pù mi. Mo máa ń lọ sí Kaduna lóòrèkóòrè, n kò sì fẹ́ máa gbé láptọ́ọ̀pù rin ọ̀nà yẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ṣí póòtù 3389 lára ráútà mi, kí n máa fi fóònù wọlé. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé ó ṣeé ṣe láìjẹ́ pé olè tẹ̀lé mi wọlé?"

Ó ṣeé ṣe, ẹ kò sì ní san kọ́bọ̀ lórí áàpù tí ẹ máa lò. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí póòtù yẹn, ìyẹn ilẹ̀kùn tí Remote Desktop, ètò dídarí ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀, ń gbà wọlé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín kò purọ́, ọ̀nà gidi ló sọ, ṣùgbọ́n ó gbàgbé nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni pé Windows Home, tó máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí a ń rà fún ìlò ilé, kì í gbà kí èèyàn bá ọ̀nà yẹn wọlé rárá. Windows Pro àtàwọn bíi Enterprise àti Education ló ń gbà á. Ẹ lọ sí Settings, kí ẹ tẹ System, kí ẹ wá tẹ About, ẹ ó rí èyí tó jẹ́ tiyín níbẹ̀. Èkejì ni pé, bó bá jẹ́ síìmù ló wà nínú máífáì tàbí ráútà yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ oníbàárà mìíràn jọ máa lo àdírẹ́sì kan ṣoṣo lójú íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá ṣí póòtù lára ráútà tiyín nígbà náà, ẹni tó ń bọ̀ láti ìta kò lè dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí àárín ọ̀nà, lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, ni ìpè rẹ̀ yóò ti dúró. Ẹ lè mọ̀ bí ẹ bá wọ ojú ewé ìṣàkóso ráútà náà: bí àdírẹ́sì tí nẹ́tíwọ̀kì fún un bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí tó bọ́ sí àárín 100.64 sí 100.127, ẹ ti ń bá èèyàn pín in nìyẹn. Mo ti rí àwọn tó jókòó ti ráútà láti àárọ̀ di alẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n rò pé àwọn ni kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀kẹta ló burú jù, ìyẹn bí póòtù náà bá ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Kò sí ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò mọ 3389. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń wá a kiri tọ̀sán tòru, tí yóò sì máa gbìyànjú ọ̀rọ̀ aṣínà kan tẹ̀lé òmíràn láìsinmi. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, Microsoft gbé àtúnṣe jáde fún àlébù kan tí wọ́n ń pè ní BlueKeep. Àlébù yìí lè jẹ́ kí èèyàn gba ọ̀nà yẹn wọ Windows 7 àtàwọn tó ṣáájú rẹ̀ láìmọ ọ̀rọ̀ aṣínà kankan. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọ́n ṣe àtúnṣe fún Windows XP pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ti pa tì láti ọdún 2014. Àlébù yẹn kò kan Windows 10 àti 11, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá tún rí irú rẹ̀, ẹni tó ṣí póòtù sílẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fara gbá a.

Ohun tí mo máa ń fi sórí láptọ́ọ̀pù àwọn oníbàárà mi tí ọ̀ràn wọn jọ tiyín ni Chrome Remote Desktop, tó jẹ́ ti Google. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ló máa ń pe Google láti inú ilé, fóònù yín náà yóò pe Google láti ibi tí ẹ bá wà, àwọn méjèèjì yóò sì bára wọn pàdé. Ẹ kò ní fọwọ́ kan ráútà, ẹ kò ní ṣí póòtù, kò sì ní dí i lọ́wọ́ bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé àdírẹ́sì àjọlò ni ẹ ní. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows Home bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí Pro. Àwọn áàpù bí AnyDesk àti TeamViewer ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kan náà, wọn kì í sì í ṣe áàpù burúkú. Ìdí tí n kò fi kọ́kọ́ ń dárúkọ wọn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni pé nọ́ńbà kan máa ń wà lójú wọn tí èèyàn lè kà fún ẹlòmíràn lórí fóònù, ibẹ̀ sì ni àwọn gbájúẹ̀ tó ń pe ara wọn ní òṣìṣẹ́ báńkì ti ń mú èèyàn. Chrome Remote Desktop pàápàá ní apá tó jọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n pè ní Remote Support: yóò fún yín ní kóòdù onínọ́ńbà 12 tí ẹlòmíràn lè fi wọlé láàárín ìṣẹ́jú 5. Ẹ kò nílò apá yẹn. Remote Access ni tiyín, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ ka nọ́ńbà kankan fún ẹnikẹ́ni.

Kí a tó tẹ̀síwájú, ó tọ́ kí n béèrè bóyá gbogbo wàhálà yìí tilẹ̀ pọn dandan. Bó bá jẹ́ pé kí ẹ lè rí fáìlì kan, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí oníbàárà ni ẹ fẹ́, ẹ tọ́jú fáìlì náà sínú Google Drive kí ẹ tó kúrò nílé, fóònù yóò ṣí i láìsí pé láptọ́ọ̀pù wà ní títàn. Iṣẹ́ tó bá ní kí QuickBooks ṣí, kí ẹ kọ owó wọlé, kí ẹ sì tẹ ìwé-owó jáde, ni dídarí láti ọ̀nà jíjìn wúlò fún. Bó bá sì jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ló ni láptọ́ọ̀pù náà, ẹ má fi ohunkóhun sórí rẹ̀ títí wọn yóò fi fún yín ní àṣẹ lákọsílẹ̀. Àkọsílẹ̀ tó ní orúkọ àti gbèsè àwọn oníbàárà ṣọ́ọ̀bù nínú wà lábẹ́ òfin ààbò détà Nàìjíríà ti ọdún 2023, nítorí náà ó dára kí àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù mọ̀ pé ẹ ó máa ṣí ìwé wọn láti ìta.

Nísinsìnyí, àwọn ààlà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò ni pé píìnì tí wọ́n máa tẹ̀ lórí fóònù ni gbogbo ààbò tó wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àkáǹtì Google yín ni géètì ọgbà, píìnì kàn jẹ́ kọ́kọ́rọ́ yàrá. Ẹni tó bá ti wọ inú ímeèlì yín ti wà nínú ọgbà, ó sì ti ń rí orúkọ láptọ́ọ̀pù yín. Píìnì nìkan ló kù fún un láti wá. Nítorí náà, kí ẹ tó fi áàpù kankan sórí ẹ̀rọ, ẹ lọ sí myaccount.google.com, kí ẹ tẹ Security, kí ẹ sì tan 2-Step Verification. Bí ẹ bá lè lo áàpù tó ń pèsè kóòdù, bíi Google Authenticator, dípò àtẹ̀jíṣẹ́ orí síìmù, ẹ lò ó, nítorí ẹni tó bá jí síìmù yín gbà yóò gba àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Níbẹ̀ kan náà, ẹ ó rí Backup codes, kóòdù 10 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà 8. Ẹ kọ wọ́n sórí ìwé, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sílé, kí ẹ sì fi ọ̀kan sínú báàgì yín, kì í ṣe sínú àpò tí fóònù wà. Ìdí rẹ̀ yóò hàn nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ fóònù tó sọnù.

Àwọn kan máa ń béèrè bóyá kí àwọn ṣí àkáǹtì Google mìíràn fún iṣẹ́ yìí nìkan. Èrò mi ni pé ó dára bí àkáǹtì tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ bá ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, bóyá àwọn ọmọ ń fi wo fídíò tàbí ó wà lórí fóònù àtijọ́ tí ẹ ti fún ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ń lò ó, ẹ fún un ní ààbò tó péye kí ẹ sì dúró sórí ọ̀kan, nítorí àkáǹtì tí èèyàn kì í yẹ̀ wò déédéé ni olè lè pẹ́ nínú rẹ̀ jù.

Ààlà kejì wà nínú Windows fúnra rẹ̀, òun sì ni àwọn èèyàn máa ń fò jù. Ẹni tó bá bá ọ̀nà yìí wọlé dà bí ẹni tó jókòó síwájú láptọ́ọ̀pù: ohun tí ẹ lè ṣe ni òun náà lè ṣe. Ẹ dín ohun tí ẹni tó jókòó síbẹ̀ lè ṣe kù. Nínú Settings, ní Accounts, ẹ ṣí oníṣe tuntun kan lábẹ́ Other users, kí ẹ fi í sí Standard User, kì í ṣe Administrator, kí ẹ sì fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà tó yàtọ̀. Ẹ ṣí QuickBooks láti ibẹ̀ kí ẹ rí i pé fáìlì àwọn ṣọ́ọ̀bù ń ṣí. Bí fáìlì náà bá wà nínú fódà tiyín nìkan, ẹ gbé e lọ sí C:\Users\Public\Documents. Láti ìgbà náà lọ, inú oníṣe yìí ni kí ẹ máa bá fóònù wọ̀. Bí èèyàn burúkú bá dé ibẹ̀, kò ní rí fọ́tò àti ìwé báńkì yín tó wà lápá kejì, bó bá sì fẹ́ fi áàpù tuntun sórí ẹ̀rọ, Windows yóò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà Administrator, èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ kọ síbì kankan nínú fóònù. Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì pamọ́ sínú Chrome tó wà lápá oníṣe tuntun yìí. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ìka ọwọ́ tàbí ojú lẹ fi ń ṣí láptọ́ọ̀pù, ẹ rántí pé ìyẹn kò sí láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀rọ̀ aṣínà gidi ni ẹ ó tẹ̀.

Ìgbà tí èyí bá ti parí ni kí ẹ wá ṣí remotedesktop.google.com/access nínú Chrome lórí láptọ́ọ̀pù, láti apá Administrator. Ẹ tẹ àmì ìgbàsílẹ̀ tó wà lábẹ́ Set up remote access, ẹ gbà kó wọlé, ẹ fún láptọ́ọ̀pù ní orúkọ tí kò fi orúkọ yín tàbí iṣẹ́ yín hàn, kí ẹ sì yan píìnì. Wọn kì í gba ohun tó bá dín ní nọ́ńbà 6. N kò sì rí ìdí tí ẹ kò fi ní lo 8 tàbí 10, tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí tàbí píìnì káàdì báńkì. Lórí fóònù, ẹ gba áàpù Chrome Remote Desktop, ẹ fi àkáǹtì kan náà wọlé, orúkọ láptọ́ọ̀pù yóò sì hàn. Bí wọ́n bá bi yín bóyá kí fóònù rántí píìnì náà, ẹ má gbà. Ẹ rí i pé fóònù náà fúnra rẹ̀ ní títì tó lágbára, tó ń ti ara rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró lójú ọ̀nà kì í ṣe olè o, iná ni. Láptọ́ọ̀pù tó bá sùn kò ní gbọ́ ìpè kankan, áàpù yóò sì kàn kọ Offline sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń lọ sínú ètò Windows, wọn a ní kí láptọ́ọ̀pù má sùn nígbà tó bá wà lórí iná, wọn a sì gbàgbé pé ètò tí bátìrì ń lò yàtọ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀: ẹ kúrò ní Kubwa láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ní agogo 11, wọ́n mú iná, láptọ́ọ̀pù bọ́ sórí bátìrì, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó sùn, ní agogo 12, iná dé, ṣùgbọ́n iná tó dé kì í jí láptọ́ọ̀pù. Nígbà tí ẹ bá fi máa sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Rigasa, ẹ ó rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló bàjẹ́. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí Administrator, kí ẹ tẹ àwọn wọ̀nyí ní ìlà kọ̀ọ̀kan:

```
powercfg /change standby-timeout-ac 0
powercfg /change standby-timeout-dc 180
powercfg /setacvalueindex SCHEME_CURRENT SUB_BUTTONS LIDACTION 0
powercfg /setdcvalueindex SCHEME_CURRENT SUB_BUTTONS LIDACTION 0
powercfg /setactive SCHEME_CURRENT
```

Ìlà àkọ́kọ́ ní kó má sùn rárá lórí iná. Ìkejì fún un ní ìṣẹ́jú 180 lórí bátìrì kó tó sùn. Àwọn tó kù ní kó má sùn bí ẹnìkan nílé bá pa á dé. Síbẹ̀ náà, ẹ fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí, nítorí àwọn láptọ́ọ̀pù kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti pa á dé, ojú dúdú ni fóònù yóò máa rí. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kì í ṣe sórí bẹ́ẹ̀dì, pàápàá ní oṣù kẹta àti ìkẹrin tí ooru ìhín máa ń mú. Máífáì tó ní bátìrì tirẹ̀ yóò fara dà á fún wákàtí mélòó kan bí iná bá lọ. Ráútà tó ń jẹ iná ilé tààrà ní láti wà lórí ínfátà. Bí bátìrì láptọ́ọ̀pù bá sì kú pátápátá, kò sí áàpù tó lè tàn án. Ẹ nílò ẹnìkan nílé tí yóò tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Onítọ̀hún kò ní láti mọ ọ̀rọ̀ aṣínà kankan, nítorí Chrome Remote Desktop máa ń dìde kí ẹnikẹ́ni tó wọlé sínú Windows. Ẹ dán ìyẹn wò kí ẹ tó rìnrìn àjò: ẹ pa wáífáì fóònù yín, ẹ lo détà síìmù, ẹ tún láptọ́ọ̀pù tàn, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹ lè fi fóònù tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà Windows láti yàrá kejì.

Ní ti lílò rẹ̀, kò rọrùn tó bí àwọn kan ṣe ń sọ. Lẹ́tà QuickBooks á kéré lójú fóònù, ẹ ó sì máa fi ìka méjì fà á tóbi. Bí ẹ bá yan ètò trackpad, ìka yín yóò máa darí àmì máúsì, ẹ ó sì fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan dípò bọ́tìnnì ọ̀tún. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá dára níbẹ̀. Ẹ má fi pa ìwé owó oṣù dé. Ohun méjì kan ààbò níhìn-ín. Gbogbo ohun tí ẹ bá ń ṣe ni ojú láptọ́ọ̀pù ń fi hàn nílé, tí ẹni tó bá wà nínú yàrá náà lè máa wò. Bí ẹ bá sì parí, ẹ ti Windows láti ojú Start kí ẹ tó já ìsopọ̀ náà. Ẹ má gbà pé yóò ti ara rẹ̀, nítorí ẹ lè fi ìwé oníbàárà sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ẹnikẹ́ni tó bá wọ yàrá.

Láti mọ̀ bóyá ẹlòmíràn ti wọlé, ẹ ṣí Event Viewer, ẹ lọ sí Windows Logs, kí ẹ tẹ Application, kí ẹ sì wá àwọn èyí tí ibi orísun wọn jẹ́ chromoting. Ìgbàkígbà tí ẹnìkan bá wọlé, àkọsílẹ̀ á wà níbẹ̀ pẹ̀lú aago àti ímeèlì tí wọ́n lò. Nítorí pé ímeèlì tiyín ni olè náà yóò lò, aago ni kí ẹ wò: bó bá jẹ́ agogo méjì òru, tí ẹ̀yin sì ń sùn, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí ẹ kò rìnrìn àjò, ẹ dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Inú Command Prompt tí ẹ ṣí gẹ́gẹ́ bí Administrator ni kí ẹ ti tẹ èyí, kì í ṣe PowerShell, nítorí sc ní ìtumọ̀ mìíràn níbẹ̀:

```
sc config chromoting start= demand
net stop chromoting
```

Bí ẹ bá tún ń lọ, ẹ fi auto rọ́pò demand, kí ẹ sì fi net start rọ́pò net stop. Bí ẹ bá gbàgbé apá auto, tí láptọ́ọ̀pù sì tún ara rẹ̀ tàn nígbà tí ẹ wà ní Kaduna, kò ní gbọ́ ìpè yín mọ́.

Bí fóònù bá wá sọnù ní ibùdókọ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá délé. Ẹ yá fóònù ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ ṣí ojú ewé ìkọ̀kọ̀ nínú Chrome rẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà yín àti ọ̀kan nínú àwọn kóòdù 10 tó wà nínú báàgì wọ àkáǹtì Google yín. Ní Security, ẹ lọ sí Your devices, ẹ yọ fóònù tó sọnù kúrò, lẹ́yìn náà ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà. Ẹ wá lọ sí remotedesktop.google.com/access, kí ẹ yọ láptọ́ọ̀pù náà kúrò nínú àkọsílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ pe ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì láti dí síìmù náà, kí ẹ sì pe ilé kí wọ́n pa máífáì. Títí ẹ ó fi padà sí Kubwa, ẹ̀yin pàápàá kò ní lè wọlé mọ́, nítorí iwájú láptọ́ọ̀pù náà nìkan ni ẹ ti lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lákọ̀tun, pẹ̀lú píìnì tuntun.